Bí a ṣe ń ná mọ́tò àlòkù ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: iye ọjà, àléébù, àti owó tó wà nílẹ̀

Ohun mẹ́ta ló ń dín iye mọ́tò àlòkù kù lẹ́nu ẹni tó ń tà á: iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà, àléébù tó wà lára rẹ̀, àti owó tó wà nílẹ̀ tí ẹ lè san lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí kò mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a ṣe ń tò wọ́n tẹ̀lé ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n á dé ibi tí mọ́tò wà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu wọn ni, "Ẹ̀gbọ́n, owó wà lọ́wọ́ wa o, ẹ sọ ìkẹyìn." Ẹni tó ń tà ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ojú ń kán wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàbùkù mọ́tò náà, wọ́n á ní ó ti gbó, wọ́n á ní ó ti họ. Inú á bí ẹni tó ni ín, kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kúrò.

Bí mo ṣe ń bá àwọn ènìyàn ṣe é láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù nìyí: iye ọjà la kọ́kọ́ ń wádìí, kí a tó kúrò nílé. Àléébù ló tẹ̀lé e, a ó sì sọ ọ́ di náírà. Owó tó wà nílẹ̀ ló ń kẹ́yìn, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọ̀. Màá fi mọ́tò kan ṣàlàyé rẹ̀, Tòyótà Kòróólà tí mo bá ọkọ àbúrò mi rà. Olùkọ́ ni ní Àgọ́-Ìwòyè. Agbára rẹ̀ kò gbé Tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ti ń lò ní Nàìjíríà, tí nọ́ńbà ti wà lára rẹ̀, ló ń wá. Iye tí màá dá jẹ́ iye ìgbà tí a rà á. Bí dólà bá yí, iye á yí, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò ní yí.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ṣàgámù ni mọ́tò náà wà. Ẹni tó ni ín pè é ní Kòróólà 2006, ó ní 4,300,000 náírà ni. Kí a tó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo ní kí ọkọ àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ kó ya nọ́ńbà ṣásí mọ́tò náà ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ó wà lára irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó sì tún wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ni. Lára irú àwọn mọ́tò tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka á dé ìkẹwàá, òun ló ń sọ ọdún mọ́tò: 4 ni 2004, 5 ni 2005, 6 ni 2006, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé 9 tó jẹ́ 2009. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, 5 ló wà ní ìkẹwàá. Ó lè má jẹ́ pé bàbá náà ń purọ́, ó lè jẹ́ bí ẹni tó tà á fún un ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, 2005 la ń ná, a kò ná 2006 mọ́.

Lẹ́yìn náà la wá wá iye ọjà. Alẹ́ méjì la fi wo Jíjí, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń to mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kòróólà tó kún ibẹ̀ kò lóǹkà, àmọ́ èyí tó bá tiwa mu nìkan la kọ sílẹ̀: ọdún 2005, tó ní nọ́ńbà Nàìjíríà, tó ń lo gíá ọtomátíìkì. Ẹ má fi Tòkunbọ̀ wé èyí tí wọ́n ti lò níbí, ẹ má sì fi onígíá ọwọ́ wé ọtomátíìkì. Ẹni tó ń tà mọ mọ́tò rẹ̀, tí ẹ bá mú àfiwé tí kò bára mu wá lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní gbọ́ ìkejì lẹ́nu yín mọ́.

Mẹ́fà ló bá tiwa mu. Èyí tó kéré jù jẹ́ 3,500,000, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 4,400,000. A yọ méjèèjì kúrò. Èyí tó kéré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ohun tí kò sí nínú fọ́tò, àlá ni ẹni tó dá iye tó pọ̀ yẹn ń lá. Mẹ́rin tó kù wà láàárín 3,800,000 sí 4,000,000.

Ṣùgbọ́n iye tí ẹni tó ń tà bu ni gbogbo ìyẹn, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti ra irú rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, kí ẹ bi wọ́n pé èló ló jáde lápò wọn gan-an. Àwọn mẹkáníìkì ló mọ̀ wọ́n, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé mọ́tò tuntun lọ. Mẹkáníìkì wa júwe méjì fún wa. Ọ̀kan san 3,700,000, ìkejì san 3,800,000. A gba 3,750,000 bí iye Kòróólà 2005 tí ara rẹ̀ dá fún ọjọ́ orí rẹ̀. Òun la kọ sí òkè ìwé.

Ẹ wo àsìkò náà. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi sì máa ń wálé tẹbí tará. Ẹni tó ń ta mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yẹn kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀dínwó, ó mọ̀ pé ẹlòmíì ń bọ̀. Oṣù Kejìlá náà rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kìíní àti ìgbà tí owó ilé-ìwé bá dé ni ẹni tó ń tà máa ń fẹ́ rí owó lọ́wọ́. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ dúró.

Wíwo mọ́tò nígbà tó tutù

Aago méje àárọ̀ la dé ilé bàbá náà. A kí i tán, a jókòó díẹ̀, a sì jáde sí ìta ibi tí mọ́tò wà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Wọ́n ti dáná sí i kí a tó dé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí mọ́tò má bàa dójú ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í sọ òótọ́ inú rẹ̀. A yẹ ara àti ìwé mọ́tò wò lọ́jọ́ náà, a sì bẹ bàbá pé a ó padà wá lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n jọ̀ọ́ má dáná sí i. Wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ kejì, a yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, a kò tíì dáná. Iná CHECK ENGINE gbọ́dọ̀ tàn nígbà yẹn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí lẹ nǹkan bò ó. Tiwa tàn, ó sì kú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dìde, gbogbo mọ́tò ń gbọ̀n jìgìjìgì, ife omi tí mo gbé lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì fi D sí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí búréèkì, ìgbọ̀n náà pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ti já. Lọ́jọ́ tó gbóná, a kò rí ìyẹn.

Ẹ dúró lẹ́yìn ṣálánsà nígbà tí ẹnì kan ń dáná. Èéfín tó dà bí aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó, funfun tó ń rú láìdáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, dúdú jẹ́ epo tó ń jó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí abẹ́ rẹ̀ bá ní ohun tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti pàdé. Ẹ má ná irú mọ́tò yẹn, ẹ dágbére.

A gbé e jáde sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹ bá ń yẹ gíá wò, ẹ kọ́kọ́ fi D sí i lójú kan, lẹ́yìn náà R. Bó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tó bá lù gbàm̀ kó tó lọ, gíá ti ń ṣàìsàn. Lójú títì, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí mọ́tò kò sì yára, gíá ń yọ̀. Tiwa mú dáadáa. Ohun tó ń kùn ni iwájú nígbà tó bá kọjá ibi tí ojú títì kò dán, ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti lọ. Ẹ́síì tàn, atẹ́gùn ń jáde, àmọ́ kò tutù. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ kò mú.

Nígbà tí a padà, mẹkáníìkì fi skánà sí i. P0420 ló jáde, kóòdù tí kò tíì tan iná CHECK ENGINE. Èyí yẹ kí ẹ mọ̀: P0420 túmọ̀ sí pé katálísítì tó wà lára ṣálánsà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè jẹ́ ibi tí ṣálánsà ti ń fẹ́. Nínú mọ́tò tí wọ́n ti ń lò níbí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti gé katálísítì náà tà. Mọ́tò ń rìn bẹ́ẹ̀. A kò kà á sí owó, a kàn fi sọ́kàn ni.

Èyí tó burú ju kóòdù lọ ni skánà tó bá mọ́ jù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó dé, skánà kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń to àwọn ìdánwò tí mọ́tò ń ṣe fúnra rẹ̀, á kọ Not Ready sí iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan tí mọ́tò fi ń rìn kí wọ́n tó padà di Ready. Bí ẹ bá rí Not Ready tó pọ̀, ẹ bi ẹni tó ni ín pé ìgbà wo ni wọ́n yọ bátìrì kẹ́yìn, nítorí yíyọ bátìrì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí àlàyé ṣe, ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Táyà nìkan ló kù. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń parí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Méjì ẹ̀yìn tiwa kọ 3416, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2016. Òkè wọn ṣì ga, ojú lásán á ní wọ́n dára, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn ti ń sán wẹ́wẹ́. Táyà irú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó gun márosẹ̀.

Nípa mẹkáníìkì: tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà júwe. Ẹ san owó ọjọ́ rẹ̀ fún un, yálà ẹ ra mọ́tò o, ẹ kò rà á o. Mẹkáníìkì tó ń retí owó lórí ọjà kì í fẹ́ kí ọjà bàjẹ́. Kí ẹ sì bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bá rí níwájú ẹni tó ni mọ́tò. Kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Sísọ àléébù di náírà

Kì í ṣe gbogbo àléébù ló ń dín owó kù. Èyí tó yẹ kó lé yín lọ wà: gíá tó ń yọ̀, omi tó bá ọ́ìlì lò, ṣásí tí wọ́n gé tí wọ́n tún jó pọ̀, nọ́ńbà ṣásí tí wọ́n fọwọ́ kàn tàbí tí kò bá ìwé mu. Ẹ má fi wọ́n ná owó, torí kò sí ẹ̀dínwó tó lè tán wọn. Èyí tó kún ojú nìkan náà wà: iná iwájú tó pọ́n, síìtì tó họ, bọ́ńpà tí ó fi gbá nǹkan. Mọ́tò tó ti lò tó ogún ọdún ni, gbogbo Kòróólà tí a fi ṣe iye ọjà ló ní irú rẹ̀. Wọ́n ti wà nínú 3,750,000 náà. Bí ẹ bá tún yọ owó nítorí wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yọ ọ́, ẹni tó ń tà á sì mọ̀.

Èyí tó kù ni a ń kà: ohun tó ti bàjẹ́, tó ní láti di títún ṣe, tí mọ́tò tí ara rẹ̀ dá kò ní. Mẹkáníìkì mi pe ẹni méjì tó ń ta páàtì, ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan ní Ládípọ̀ ní Èkó, ó bi wọ́n ní iye rẹ̀ lójú wa. Ohun tó kọ sílẹ̀ nìyí:

Táyà tuntun méjì, 130,000.
Ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, Tòkunbọ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́, 85,000.
Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ́síì, Tòkunbọ̀, pẹ̀lú gáàsì àti owó iṣẹ́, 145,000.
Ẹ́ńjìnnì síìtì àti owó iṣẹ́, 40,000.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400,000. Ẹ kíyèsí i pé Tòkunbọ̀ la lò níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń lo Tòkunbọ̀. Bí ẹ bá kọ iye páàtì tuntun láti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kí owó lè pọ̀, ẹni tó ń tà á á pe mẹkáníìkì rẹ̀ níwájú yín, ìwé yín á sì di ìwé lásán.

Ẹ yọ 400,000 kúrò nínú 3,750,000, ó ku 3,350,000. Iye tí mọ́tò náà jẹ́ lójú tiwa nìyẹn. A fi 100,000 lé e fún pé ọkọ àbúrò mi nílò mọ́tò, a sì ti ná owó ọkọ̀ àti ti mẹkáníìkì tẹ́lẹ̀. 3,450,000 ni ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Mo ní kó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ kí a tó wọlé, kí ó sì gbé fóònù náà fún mi.

Ìnájà

A kò bu owó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a wò ó tán, a bẹ bàbá pé ká jókòó sínú ilé. Ẹni tó bá ń ná mọ́tò lóòró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ojú mọ́tò ló ń wò, kò wo owó. Ọkọ àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ pé wọ́n gbà á láàyè láti padà wá.

"Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú mọ́tò yìí," ló kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni, gíá rẹ̀ dára. "Èló ni ẹ ó gbà lọ́wọ́ ọmọ yín?"

"Mo ti sọ ọ́. 4,300,000. Ṣùgbọ́n torí ẹ ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú 4,000,000 wá."

"Ẹ ṣé, sà. A dúpẹ́. Ẹ dákun, nọ́ńbà ṣásí tí ẹ fi ránṣẹ́, 2005 ló ń sọ." Ó fi hàn wọ́n, ó ka á dé ìkẹwàá. Bàbá wo ó, wọ́n mú gíláàsì, wọ́n tún wo ó. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ó tún fi ìwé tí a kọ iye ọjà sí hàn wọ́n, mọ́tò mẹ́rin tó bára mu, àti iye tí ẹni méjì san. "Ohun tí àwọn ènìyàn ń san fún 2005 tí ara rẹ̀ dá nìyí, sà, 3,750,000."

"Ẹ mú 3,800,000 wá nígbà yẹn."

Ẹ wo ibi tó ti dé: ó ti kúrò ní 4,300,000, a kò tíì sọ̀rọ̀ àléébù kan, a kò sì tíì bu owó. Ìgbà yẹn la tó mú ìwé mẹkáníìkì jáde. Ọkọ àbúrò mi kò ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ka ẹyọ kan, ó dúró. Táyà ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí bàbá lè fi ojú ara wọn rí nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ́síì, torí wọ́n mọ̀ pé kò tutù. Nígbà tó fi dé ẹ́ńjìnnì síìtì, bàbá ti ń mi orí. Kò pe mọ́tò náà ní ẹrù tó ti gbó, kò sọ pé wọ́n tàn wá. Ohun tí mọ́tò nílò ló ń sọ, àti iye tí yóò ná ẹni tó bá rà á.

"3,200,000 ni agbára mi gbé, sà," ló sọ nígbà tó parí.

Ohùn bàbá le díẹ̀. Wọ́n ní kò gbà, wọ́n ní ẹlòmíì ti bu 3,700,000 lánàá. Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ má jiyàn, ẹ má sì sọ pé irọ́ ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọkọ àbúrò mi ní, "Bó bá san án, sà, ó yẹ kí ẹ tà á fún un. Bí kò bá padà wá, àwa nìyí." Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ lóye dídákẹ́ yìí, nítorí òun ló máa ń le jù fún ẹni tó ń rà. Ó máa ń ṣe wá bíi ká tún fi owó kún un nítorí ojú ń tì wá. Ẹ má fi kún owó tí ẹnì kejì kò bá tíì yọ nínú tiẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "3,600,000. Mi ò lè lọ sísàlẹ̀ mọ́." Ọkọ àbúrò mi bọ́ sí 3,350,000, ó sì dúró níbẹ̀.

Owó tó wà nílẹ̀

3,600,000 sí 3,350,000. Ibí yìí ni owó tó wà nílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti fi hàn láti àárọ̀, kò ní ní agbára kankan mọ́ níbí.

Nígbà tí a bá ń sọ pé owó wà nílẹ̀ lóde òní, kì í ṣe owó inú àpò ìwé ni. Báǹkì Àpapọ̀ ti fi gbèdéke 500,000 náírà lọ́sẹ̀ sí owó tí ẹnì kan lè gbà jáde, ẹni tó bá kọjá rẹ̀ á san ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó lé. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ́wọ́ lójú márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ́ kò tún bọ́gbọ́n mu. Owó tó wà nínú àkáǹtì, tó lè wọ àkáǹtì ẹnì kejì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ni à ń sọ. Ẹ kó o jọ sí àkáǹtì kan tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì bi báǹkì yín iye tí fóònù yín lè fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, torí ọ̀pọ̀ kò jẹ́ kó tó mílíọ̀nù mẹ́ta àfi tí ẹ bá lọ bá wọn kí wọ́n gbé e ga. Ọkọ àbúrò mi ti ṣe ìyẹn ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ẹni tó bá parí ìnájà, tó wá ní òun máa san ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la, ti sọ ẹ̀dínwó rẹ̀ nù. Ìgbà yẹn ni ẹlòmíì máa ń dé.

Ọkọ àbúrò mi gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó nà án sí bàbá. "Bàbá, bí ẹ bá gbà á ní 3,400,000, kí a tó dìde níbí, owó ti wọ àkáǹtì yín. Ẹ kò ní máa retí ẹnikẹ́ni lọ́la."

Bàbá wo ìyàwó wọn tó jókòó sí igun yàrá. Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kó fi ogún kún un, kí n rí nǹkan fi sébẹ̀." Wọ́n gbà á ní 3,420,000.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí ìwé mọ́tò mu. Ti wa mu. Bí kò bá mu, ẹ jẹ́ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ wá fúnra rẹ̀. A fi 10,000 ránṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, a dúró títí bàbá fi rí i nínú àkáǹtì wọn, kì í ṣe nínú iṣẹ́ tí fóònù gbé wá nìkan, lẹ́yìn náà la fi èyí tó kù ránṣẹ́. Nínú ìwé tí wọ́n bá wa fọwọ́ sí, a kọ nọ́ńbà ṣásí, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ àti aago, àti iye tí a san. Wọ́n kó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni mọ́tò, àti kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún wa.

Bí bàbá bá kọ̀ ní 3,450,000, a ó ti kí wọn, a ó ti fi nọ́ńbà fóònù wa sílẹ̀, a ó sì ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni a ó pe wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, láti béèrè pé ṣé wọ́n ti tà á. Iye tí a fi sílẹ̀ náà ni a ó tún sọ.

Ọjọ́ kejì la gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́síì, wọ́n rí ọ̀pá gáàsì kan tó ti sán, èyí tí a kò rí tẹ́lẹ̀. Gbogbo àtúnṣe náà wá jẹ́ 418,000, táyà méjì tuntun sì ti wà nínú rẹ̀.